UT àti Ultrasonic Testing: Ìdí Tí Orúkọ Méjèèjì Fi Yẹ Kó Wà Nínú Ìwé Ìwáṣẹ́

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ kan tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí lórí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Lẹkki: “ultrasonic testing”. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣàtúnṣe páìpù epo fẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́ta, wọ́n sì fẹ́ wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìwé ìwáṣẹ́, ohun tí gbogbo Èkó ń pè ní CV, ti ń wọlé sínú ẹ̀rọ náà ọjọ́ ti pẹ́, ó sì ti pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà tán lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi kó díẹ̀ jáde. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó ń kọ nọ́ńbà fóònù sílẹ̀.

Ìwé ọkùnrin kan tó ń gbé ní Ṣàngótẹ̀dó, téèyàn bá kọjá Ajah díẹ̀, wà nínú ẹ̀rọ yẹn pẹ̀lú. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá gan-an ló ti ń ṣe láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n “UT” ló kọ sínú ìwé tirẹ̀, kò sì sí ibi tó ti kọ ultrasonic testing, tí í ṣe orúkọ kíkún iṣẹ́ kan náà. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé rẹ̀ tì. Kò sẹ́ni tó rí i ni.

Irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ lágbègbè Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń wáṣẹ́ ni kì í mọ̀, torí ẹ̀rọ kì í kọ̀wé sí ẹni tí kò rí.

Iṣẹ́ tí lẹ́tà pọ̀ nínú rẹ̀

Ọ̀nà tó ti Ajah lọ sí Ìbẹ̀jú-Lẹkki ti di ọ̀nà iṣẹ́ irin àti epo. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn Lẹkki. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Ibi tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, páìpù, táńkì àti ojú ìjó irin pọ̀ níbẹ̀, gbogbo ibi tí wẹ́dà bá sì ti jó irin mọ́ irin ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí epo tó gba inú rẹ̀ kọjá.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò irin láìba irin jẹ́ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní Non-Destructive Testing, tí àgékúrú rẹ̀ jẹ́ NDT. Ọ̀nà mẹ́rin kan wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ultrasonic testing, òṣìṣẹ́ á rán ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ wọ inú irin, á sì wo bó ṣe ń padà bọ̀. Bí ibì kan bá ti là nínú, ìró yóò ta padà níbẹ̀ kó tó dé òdìkejì. Nínú radiographic testing, ìtànṣán bíi ti ẹ́síréè ni wọ́n ń tàn gba inú irin kọjá.

Ọ̀nà kẹta ń lo agbára mágínẹ́ẹ̀tì: wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú irin sára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, lẹ́búlẹ́bú náà á sì kóra jọ síbi tó bá ti sán. Ẹ̀kẹrin ni ti aró olómi, tí wọ́n máa ń fi sára irin kó wọ inú ojú sísán, tí wọ́n á nù ún kúrò lókè, tí wọ́n á wá fi ẹfun funfun fa èyí tó kù nínú ìsán náà síta.

Lórí iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọ̀nyí tán. UT, RT, MPI, DPI ni wọ́n ń pè wọ́n. Orí fọ́ọ̀mù ìròyìn iṣẹ́ náà, lẹ́tà ni. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá wá jókòó láti kọ ìwé ìwáṣẹ́, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ náà ni yóò kọ.

Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sí ìwé

Ẹ̀rọ ìwé ìwáṣẹ́, ì báà jẹ́ Workday tàbí SAP SuccessFactors tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò, tàbí ibi ìṣàwárí lórí Jobberman tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì Ifẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, kì í ka ìwé bí èèyàn ṣe ń kà á. Nígbà tí ìwé bá wọlé, ẹ̀rọ á fa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde, á pín in sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tí àlàfo tàbí àmì bá wà, á sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, á sì kọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wà sílẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù dà bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ńlá: ọ̀rọ̀ ní apá kan, nọ́ńbà àwọn ìwé tó ní in ní apá kejì.

Nígbà tí ẹnì kan bá wá tẹ ọ̀rọ̀ kan, atọ́ka yẹn ni ẹ̀rọ ń lọ wò. Lábẹ́ “ultrasonic” yóò rí ìwé àwọn tó kọ “ultrasonic”. Lábẹ́ “ut” yóò rí ìwé àwọn tó kọ “ut”. Kò sí ohun tó so méjèèjì pọ̀, àfi bí ẹnì kan bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ bí wọ́n ṣe ń gé ìrù ọ̀rọ̀, tí “testing” àti “tested” á fi di ọ̀kan. Àmọ́ ìmọ̀ yẹn kò lè sọ lẹ́tà méjì di gbólóhùn.

Àwọn ètò tuntun kan wà tí wọ́n ti kó àkójọ orúkọ tó bára mu sínú wọn, irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì máa ń mọ àgékúrú tí gbogbo ayé mọ̀. Àgékúrú iṣẹ́ ọwọ́ àti ti àwọn ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n máa ń fò. Ẹni tó ń wáṣẹ́ kò sì ní ọ̀nà tó lè fi mọ irú ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù tó ń kún.

Àròsọ kan gbọ́dọ̀ kúrò níbí. Wọ́n máa ń sọ lójú pópó pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé nù torí pé ọ̀rọ̀ kan kò sí nínú wọn. Àwọn tó ń gbowó láti tún CV kọ ló sì ń pariwo rẹ̀ jù. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìwé ń bẹ níbẹ̀, kò kúrò. Ohun tí ẹ̀rọ lè fi dá èèyàn dúró kíákíá ni ìbéèrè tí wọ́n ní kó dáhùn lórí fọ́ọ̀mù, bíi iye ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́. Ní ti ọ̀rọ̀ inú ìwé, wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń wá nǹkan kò béèrè rẹ̀ lórúkọ tí ìwé náà ń jẹ́.

Ta ló ń wá, kí ló sì ń tẹ̀?

Èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí yẹn, wọn kì í sì í tẹ ohun kan náà. Èkíní ni òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́. Ó lè jẹ́ ẹni tó kàwé nípa ìṣàkóso tàbí ìmọ̀ àwùjọ, tí kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń jó páìpù rí. Ìwé àpèjúwe iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé, orúkọ kíkún ló sì máa ń wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń sá fún àgékúrú. Òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Lẹkki ṣàlàyé pé lẹ́tà méjì kì í dúró síbi kan. Bó bá tẹ MT torí pé ó ń wá àwọn tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yẹ irin wò, àwọn akọ̀wé ẹrù tó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté ni yóò tò wá, torí MT ni wọ́n fi ń kọ tọ́ọ̀nù ẹrù. Bó bá tẹ PT, iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ àti iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú eegun àti iṣan á dà pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lo aró. “Ìgbà tí mo bá fẹ́ tètè parí,” ó ní, “orúkọ gígùn ni mo máa ń tẹ̀.”

Èkejì ni ẹnjiníà tàbí ọ̀gá lórí iṣẹ́, tó máa ń wọ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn bá di kánjúkánjú. Lẹ́tà ni òun máa ń tẹ̀. Ẹnjiníà àgbà kan tó ń bójú tó àyẹ̀wò irin sọ pé àwọn kò rántí ìgbà tí àwọn kọ orúkọ náà tán kẹ́yìn. Bí ọkùnrin ará Ṣàngótẹ̀dó bá kọ orúkọ kíkún nìkan, wọn kò ní rí i. Bó bá sì kọ lẹ́tà nìkan, òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ kò ní rí i.

Aṣàwárí tó mọṣẹ́ dunjú máa ń kọ orúkọ méjèèjì pa pọ̀, báyìí:

```
("ultrasonic testing" OR UT) AND ("magnetic particle" OR MPI OR MT)
```

OR túmọ̀ sí pé èyíkéyìí nínú wọn tó. AND túmọ̀ sí pé apá méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. LinkedIn náà gba irú ìkọ̀wé yìí, bí wọ́n bá ti fi lẹ́tà ńlá kọ OR àti AND. Bí gbogbo ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìwé ìwáṣẹ́ kò ní nílò orúkọ méjì. Wọn kì í sábà ṣe é.

Orúkọ Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ Amẹ́ríkà

Ní ilé-iṣẹ́ epo Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún ju orúkọ kíkún àti àgékúrú lásán lọ, torí àṣà ìlú méjì ló pàdé níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Bírítéènì ń pe ọ̀nà mágínẹ́ẹ̀tì ní Magnetic Particle Inspection, MPI. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ṣe ní ìlànà ẹgbẹ́ ASNT ti Amẹ́ríkà ń pè é ní Magnetic Particle Testing, MT. Ọ̀nà aró ń jẹ́ Dye Penetrant Inspection, DPI, lọ́wọ́ àwọn kan. Àwọn mìíràn ń pè é ní Liquid Penetrant Testing, PT. Iṣẹ́ kan náà, aró kan náà, ẹfun kan náà ni.

Orúkọ kíkún gan-an kì í dúró sójú kan. ASNT máa ń kọ “Nondestructive” ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, nígbà tí àwọn ará Bírítéènì ń fi àmì ìsopọ̀ sí i, “Non-Destructive”. Lójú èèyàn, kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń pín èkejì sí méjì níbi àmì yẹn, wọ́n sì ń fi èkíní sílẹ̀ ní odidi, nítorí náà ẹni tó bá wá ọ̀kan lè má rí èkejì. NDT nìkan ni kò yí padà nínú gbogbo rẹ̀. Àgékúrú ló ń gba orúkọ kíkún sílẹ̀ níbí, ìyẹn sì ni ohun tí àwọn tó ń sọ pé “ẹ ṣá kọ ọ́ ní kíkún” máa ń gbàgbé.

Iṣẹ́ ààbò lójú iṣẹ́ náà ní irú ìṣòro yìí. Ilé-iṣẹ́ kan á ní HSE, òmíràn á ní QHSE, òmíràn EHS. Ẹni tó kọ “Health, Safety and Environment” sínú ìwé rẹ̀ kò tíì bọ́, torí bí aṣàwárí bá tẹ “health and safety” sínú àmì àyọlò, ẹ̀rọ á máa wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kò sì ní rí i nínú gbólóhùn tí “safety” ti tẹ̀ lé “health” láìsí “and” láàárín. Gbólóhùn kan nínú ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ tó ní “health and safety” nínú ti tó láti dí àlàfo yẹn.

Àwọn àjọ pàápàá máa ń yí orúkọ padà lábẹ́ lẹ́tà kan náà. COREN, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ti jẹ́ Council of Registered Engineers of Nigeria rí. Council for the Regulation of Engineering in Nigeria ló ń jẹ́ báyìí. Ìwé àtijọ́ àti ìwé tuntun yàtọ̀ síra, COREN ló so wọ́n pọ̀.

Bí a ṣe tún ìwé kan ṣe

Ìwé ọkùnrin ará Ṣàngótẹ̀dó ní ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ ìmọ̀ iṣẹ́:

```
N.D.T: UT/MPI/DPI Lvl II
```

Àṣìṣe mẹ́rin ló wà nínú ìlà kúkúrú yẹn. Èkíní, kò sí orúkọ kíkún kankan níbẹ̀. Èkejì, àmì ìdánudúró tó wà láàárín lẹ́tà N.D.T lè mú kí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àmì náà, tí kò fi ní bá NDT mu mọ́. Ẹ̀kẹta, orúkọ mẹ́ta ló lẹ̀ mọ́ra láìsí àlàfo. Ẹ̀rọ kan á pín wọn níbi ìlà dídà, ẹ̀rọ mìíràn tó jẹ́ pé àlàfo nìkan ló mọ̀ á kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò ní wá láéláé. Ẹ̀kẹrin, “Lvl II” kò ní bá “Level 2” tí ìpolówó iṣẹ́ lè kọ mu.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ó di báyìí:

```
Non-Destructive Testing (NDT) Technician, Level II (Level 2)
Ultrasonic Testing (UT)
Magnetic Particle Inspection (MPI), Magnetic Particle Testing (MT)
Dye Penetrant Inspection (DPI), Liquid Penetrant Testing (PT)
```

Ìlà mẹ́rin nìyẹn dípò ẹyọ kan, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀, torí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò yí padà. Orúkọ kíkún ló kọ́kọ́ wá, àgékúrú tẹ̀ lé e nínú àkámọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń yọ àkámọ́ sọnù, lẹ́tà inú rẹ̀ á sì dúró ní ẹyọ tirẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi ìtàn iṣẹ́, ó lè máa lo àgékúrú nìkan, bó ṣe máa ń sọ ọ́: UT lórí páìpù báyìí, MPI lára táńkì báyìí. Ìyẹn náà ló ń fi han ẹni tó ń kà á pé ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí.

Orúkọ kíkún yìí yẹ níbi mìíràn tí òṣìṣẹ́ epo ń forúkọ sílẹ̀ sí pẹ̀lú. Òfin ọdún 2010 tó fi ọmọ Nàìjíríà síwájú nínú iṣẹ́ epo ló bí àjọ NCDMB, àjọ náà sì ní àká orúkọ kan, NOGIC JQS, tí òṣìṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́ ń wọ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ síbẹ̀ àti ohun tó wà nínú CV rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi tí ọgbọ́n yìí mọ

Orúkọ méjì kò lè ran ìwé tí ẹ̀rọ kò rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ajah ṣì máa ń tẹ CV sórí bébà ní ilé ìtẹ̀wé, kí wọ́n tó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ tàbí kí wọ́n sìkáànì rẹ̀ ránṣẹ́. Àwòrán ni ìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ kan lè ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, wọ́n sì máa ń ṣì í kà. Àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan níbẹ̀ rárá.

Títò orúkọ kan ní ìgbà ogún náà kò níláárí. Bí ó bá ti fara hàn níbi ìmọ̀ iṣẹ́, tó tún fara hàn nínú ìtàn iṣẹ́, atọ́ka ti mú un. Àwọn kan máa ń fi àwọ̀ funfun kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà funfun kí ẹ̀rọ lè rí i kí èèyàn má rí i. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fa ọ̀rọ̀ jáde, àwọ̀ kì í bá a wá, gbogbo rẹ̀ á sì hàn kedere níwájú òṣìṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́. Kò sí bí wọ́n ṣe máa fọkàn tán irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo lẹ́tà ló yẹ kéèyàn tú sílẹ̀. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ní Èkó kò nílò láti tú B.Sc. tàbí NYSC sílẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ Nàìjíríà. Ó di dandan fún NYSC nígbà tí ìwé bá ń lọ sí ìlú òkèèrè tí wọn kò gbọ́ ọ rí. Ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìwé-ẹ̀rí tí ìpolówó dárúkọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gba àyè. Ìwé ojú ewé méjì tó kún fún àkámọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ máa ń sú ẹni tó ń kà á, èèyàn ló sì ń pe èèyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Àyẹ̀wò tí kò náni lówó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń rí ìwé rẹ̀ lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kó tẹ Ctrl+A àti Ctrl+C, kó sì lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ Notepad. Ohun tó bá hàn níbẹ̀ súnmọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń fà jáde. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, àwòrán ni ìwé náà. Bí ọ̀rọ̀ bá lẹ̀ mọ́ra tàbí tí ìlà bá dàrú, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà rí i bẹ́ẹ̀, àpótí tàbí ìlà títò tí wọ́n fi ṣe ìwé náà lọ́ṣọ̀ọ́ ló sì sábà máa ń fà á.

Lẹ́yìn náà, kó ṣí ìpolówó iṣẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó mú orúkọ ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìpolówó, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ níbẹ̀ gan-an, kó fi Ctrl+F wá a nínú Notepad. Kó tún wá a ní ẹ̀ẹ̀kejì lórúkọ rẹ̀ kejì: bí ìpolówó bá kọ gígùn, kó wá kúkúrú, bó bá kọ kúkúrú, kó wá gígùn. Èyí tí kò bá jáde, tó sì jẹ́ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, ni kó fi kún un.

Gbogbo rẹ̀ kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Kí ẹni tó ní ìwé níta báyìí ṣe é kó tó fi òmíràn ránṣẹ́, kó sì pààrọ̀ èyí tó ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, torí ìyẹn ni wọn yóò máa wá títí tí yóò fi yí i padà.